Ohun Tí Mo Kọ sí Abẹ́ Àpótí Kẹfà

Ìyá mi máa ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, bí ẹni pé èmi ni mò ń rọ ọ́ lágbẹ̀dẹ. Mi ò bá wọn jiyàn rí, torí iṣẹ́ mi gan-an kò ṣeé fi yangàn. Fọ́ọ̀mù ni mò ń yẹ̀ wò. Kí fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa kọ ọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó wo ibi tí wọ́n kọ àkọlé àpótí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sí, kó wo ohun tí fọ́ọ̀mù náà máa sọ téèyàn bá ṣe àṣìṣe, kó sì wò ó bóyá àwọn ìbéèrè tó jọ ń lọ wà lójú kan náà. Èmi ni ẹni yẹn, ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Ikosi, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ilé. Tí òórùn ọ̀dà bá ti gún mí nímú láàárọ̀, mo mọ̀ pé mo ti dé ibi iṣẹ́.

Mo mọ ara mi. Mo lè torí àlàfo tí kò tó ìka ọmọdé bá èèyàn ṣe àríyànjiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀gá wa ní bí mo bá dé ọ̀run, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi wọ́n ni ìdí tí ilẹ̀kùn fi wà lápá òsì. Mo gbà á fún ìyìn. Lójú mi nígbà náà, kò sí ohun tó lè fara pa mọ́ fún mi nínú fọ́ọ̀mù.

Fọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ilé ìwòsàn aládàáni kan tí kò jìnnà sí wa ló gbé e wá. Wọ́n fẹ́ máa ṣe káàdì ẹbí. Ìyá tàbí bàbá á kọ orúkọ gbogbo ará ilé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ kékeré àti ọmọ tó ti dàgbà, ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà níbẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tò fún fáìlì tuntun lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá. Ohun tó dáa ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ ní Yorùbá pẹ̀lú, nítorí àwọn ìyá Mile 12 àti Ketu tí kò fẹ́ràn kí ọmọ máa ka nǹkan fún wọn. Èmi nìkan ló mọ Yorùbá kọ dáadáa ní ọ́fíìsì, nítorí náà ọwọ́ mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bọ́ sí.

Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ tò ó, ó burú débi pé mo rẹ́rìn-ín. Inú àpótí ni wọ́n kọ àkọlé sí, pẹ̀lú àwọ̀ eérú. Béèyàn bá ti tẹ lẹ́tà kan péré, àkọlé náà á pòórá. Ẹni tó bá gbójú sókè dá oníbàárà lóhùn, kó tó padà sórí fóònù rẹ̀, kò ní mọ̀ mọ́ bóyá orúkọ ọkọ ni wọ́n béèrè àbí orúkọ bàbá. Mo ní kí wọ́n gbé àkọlé jáde sórí àpótí, kó sì sún mọ́ àpótí tirẹ̀ ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ, torí bí àlàfo méjèèjì bá dọ́gba, èèyàn ò ní mọ èwo ló ni àkọlé. Nọ́ńbà fóònù ìyá wà láàárín ọjọ́ ìbí ọmọ àkọ́kọ́ àti ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ bàbá. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: Ẹ̀yin Fúnra Yín, Àwọn Ọmọ Yín, Ẹni Tí A Lè Pè.

Ti àṣìṣe ló bí mi nínú jù. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, òkè fọ́ọ̀mù pátápátá ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ Òyìnbó méjì bá a wí, pé ohun tó kọ kò dáa. Wọn ò sọ èyí tí kò dáa. Wọn ò sọ bó ṣe máa tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù á wá pa gbogbo ohun tó ti kọ rẹ́. Mo ní rárá o. Abẹ́ àpótí tí àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ náà wà, kí ó pupa, kí ó ní àmì ìkìlọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí àwọn tí ojú wọn ò mọ pupa yàtọ̀, kí ojú ìwé gbé èèyàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ sì dúró pa. Mo sì ní kí ọ̀rọ̀ náà kúrú. Mo tẹnu mọ́ ìyẹn gan-an, pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kò ní àyè láti ka ìwàásù.

Ọkùnrin tó ń kọ kóòdù fún wa, ará Bẹ̀níì ni. Sùúrù rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ kò ju èyí tó lè fi ra tòmátì lọ. Gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Ohun kan wà tí mi ò fọwọ́ kàn, torí mi ò rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpín àwọn ọmọ, ìbéèrè kan wà níbẹ̀ láti orí ìwé àtijọ́ ilé ìwòsàn náà: Iye Ọmọ. Ẹ máa kọ iye wọn, fọ́ọ̀mù á ṣí àpótí tó bá iye náà mu, ẹ ó sì kọ orúkọ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ kò bá pé iye, fọ́ọ̀mù á sọ. Mo ka ìbéèrè yìí, mo wo àkọlé rẹ̀, mo rí i pé àlàfo rẹ̀ dára, mo kọjá lọ. Ilé tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ fún àṣìṣe ibẹ̀ ni “Orúkọ ọmọ kan kù.” Nígbà tó yá, mo rò ó pé àkọlé tó wà lókè àpótí ti sọ pé orúkọ ni, kí ni mo tún ń pè é sí? Mo gé e kúrò. Ó ku “Ọmọ kan kù.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Inú mi dùn sí i.

Nígbà tá a wá gbé e sórí fóònù kékeré tá a fi ń dán nǹkan wò, àmì ohùn ò jókòó dáadáa. Òmíràn fò kúrò lórí lẹ́tà, òmíràn di àpótí òfìfo kéékèèké. Ará Bẹ̀níì bi mí bóyá kí òun yọ gbogbo àmì náà ná títí òun á fi rí irú lẹ́tà tó gbà wọ́n. Ó ní kí n ronú sí i dáadáa, torí òun ò gbọ́ èdè. Mi ò ronú sí nǹkan kan. Ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ lọ sílé. Mo ní kó yọ wọ́n, pé ọmọ Yorùbá ló máa kà á, ṣé pátákó ojú títì ní àmì ni? Bó ṣe yọ wọ́n nìyẹn. Mo ti bá ọkùnrin yìí jà fún wákàtí kan gbáko lórí àlàfo tó wà lókè àpótí, ṣùgbọ́n mi ò fi ìṣẹ́jú kan wo ohun tí mo jẹ́ kó yọ yẹn.

Ketu ni mò ń gbé, ní òkè ilé alájà kan. Ìyá onílé wa ń gbé ìsàlẹ̀, Mummy ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, opó ni wọ́n, aránṣọ sì ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà níwájú ilé, ẹ̀yìn máṣíìnì wọn ni wọ́n sì ti ń rí gbogbo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Wọ́n fẹ́ràn mi. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí nígbà tí inú wọn bá dùn. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ìyá kankan tó mọ Yorùbá kà bíi tiwọn ní àdúgbò wa, torí wọn ò fi Bíbélì wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ọmọ wọn kẹrin gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ. Ítálì ló ní òun ń lọ. Líbíà ló ti pè wọ́n kẹ́yìn. Ó ní òun máa pè bí àwọn bá ti sọdá omi. Kérésìmesì ti wá ó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ̀rọ̀ ikú níwájú Mummy. Bí àlejò bá béèrè rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, kò tíì pè. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé ó lọ sí Ojota láàárọ̀. Fóònù wọn máa ń wà lórí tábìlì máṣíìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n òwú, ojú rẹ̀ sókè. Bí iná bá lọ, Mummy á gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì fóònù ní ìkòríta, wọ́n á sì jókòó tì í níbẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí fóònù náà kú. Gbogbo wa nínú ilé mọ ìdí rẹ̀.

Kí fọ́ọ̀mù tó jáde, a máa ń fún àwọn èèyàn bíi mélòó kan kọ, ká lè wo ibi tí wọ́n ti máa kọsẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá wa pé mo ní ẹnì kan tó tọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ Mummy lẹ́nu, wọ́n sì ti ń béèrè káàdì yẹn lọ́wọ́ mi kó tó jáde. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo bá wọn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù wọn, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ mi dání. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹni tó ń wòye kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù bá há síbì kan, fọ́ọ̀mù ló jẹ̀bi, àwa á kọ ọ́ sílẹ̀. A kì í ran èèyàn lọ́wọ́, a kì í sì í tì í.

Ìpín àkọ́kọ́ dùn ún wò. Mummy wọ gíláàsì wọn, wọ́n ka àkọlé, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọn ò dúró níbì kan. Oníbàárà kan wá gba bùbá láàárín kan, wọ́n dá a lóhùn, wọ́n padà, wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ, torí àkọlé ṣì wà níbi tó wà. Wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù wọn, ó dín kan. Fọ́ọ̀mù sọ fún wọn lábẹ́ ibẹ̀ pé mẹ́wàá ni wọ́n kọ, pé mọ́kànlá ló yẹ kó jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀rọ yìí mọ èèyàn bá sọ̀rọ̀. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀, mo fa ìlà sí i nídìí. Ìgbéraga ò tíì jẹ́ kí n mí dáadáa kí wọ́n tó dé ìpín kejì.

Iye omo. Wọ́n kà á, wọ́n gbé fóònù sórí aṣọ. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́, wọ́n kàn sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé òjò ń bọ̀. Wọ́n fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo, wọ́n tẹ ibi tá a kọ Tẹ̀síwájú sí. Fọ́ọ̀mù kọ̀. Àlàyé pupa jáde: E ko iye omo yin. Wọ́n wojú mi.

Ohun tó yẹ kí n ṣe nígbà yẹn ni kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbéèrè yìí kò bá àwọn èèyàn wa lára mu. Iṣẹ́ mi ni. Ohun tí wọ́n ń san owó oṣù fún mi lé lórí gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n dé ìpín kẹta, torí èmi ló tò ó, mo sì fẹ́ rí i bí ó ṣe máa dùn mọ́ wọn.

“Mummy, ẹ kọ ọ́ jàre,” ni mo wí. “Ẹ̀rọ lásán ni. Kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni.”

Wọ́n mi orí, wọ́n tẹ mẹ́fà. Àpótí mẹ́fà ṣí sílẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ àkọ́bí, ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Wọ́n kọ ti èkejì, ti ẹ̀kẹta. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, wọ́n fò ó, wọ́n kọ karùn-ún sípò rẹ̀, wọ́n kọ àbíkẹ́yìn tẹ̀ lé e. Ó wá ku àpótí kan nísàlẹ̀. Mo rí i tí ìka wọn dúró lókè rẹ̀. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí wọn bí orin, mo sì mọ̀ pé nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Wọ́n ní àwọn á padà sí ti ìyẹn. Wọ́n tẹ Tẹ̀síwájú.

Gbogbo ohun tí mo ní kó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ojú ìwé gbé wọn lọ sí àpótí kẹfà fúnra rẹ̀. Àpótí náà pupa yípo. Àmì ìkìlọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, níbi tí ojú kò ti lè fò ó, ó sì kúrú.

Mummy kà á sókè, torí bí wọ́n ṣe ń kàwé nìyẹn. Omo kan ku. Lẹ́tà orí fóònù ò ní ohùn kankan lára. Mummy fúnra wọn ni wọ́n fún un lóhùn, ohùn tó sì wà nítòsí wọn láti bí ọdún méjì ni wọ́n fún un.

“Ọmọ kan kú,” ni wọ́n kà.

Mo gbọ́ ọ. Wọn ò pariwo. Wọ́n yọ gíláàsì wọn, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà kà, lọ́tẹ̀ yìí láìlanu. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí léèrè, ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an.

“Ta ló sọ fún wọn?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní kù ni, kì í ṣe kú. Mo ní orúkọ kan ló kù tí wọn ò tíì kọ, pé àmì ló bọ́ kúrò lórí rẹ̀. Mo ń pe kù, kù, kù, bíi tíṣà aláìlọ́gbọ́n níwájú kíláàsì, mo ń fi ọwọ́ tẹ ohùn náà wálẹ̀. Mo ní ilé ìwòsàn kò mọ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni, èmi ni mo kọ ọ́, èmi tí mo jókòó níwájú wọn yìí. Ojú ń tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mummy ń wo ẹnu mi. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ó ti yé mi,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní kí n kà wọ́n.”

Wọ́n pa ojú fóònù náà dé, wọ́n fa aṣọ tí wọ́n ń rán sábẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wa máṣíìnì. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Lẹ́yìn náà, mo gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá mi, mo dùbúlẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ fún wọn ní ọ́fíìsì. Ará Bẹ̀níì ní kí n pe ọ̀rọ̀ méjèèjì kí òun gbọ́. Mo pè wọ́n. Ó ní kí n tún wọn pè. Ó wá ní, “Aunty, I asked you.” Bẹ́ẹ̀ ni, ó bi mí. Ó wá irú lẹ́tà tó gba àmì wa, ó rí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìṣòro tá a fi sílẹ̀ torí pé ó máa gba àkókò, kò gbà ju ọjọ́ kan lọ.

Èmi náà tún tèmi ṣe. Mo yọ Iye Ọmọ kúrò pátápátá. Kò sẹ́ni tí fọ́ọ̀mù máa ní kó ka ọmọ mọ́. Bọ́tìnì kan ló wà níbẹ̀ nísinsìnyí, Fi Ọmọ Kún Un, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi ní sí ẹlòmíràn tí ẹ fẹ́ kọ, ẹ̀rọ ni yóò máa kà wọ́n nínú ara rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ọmọ kì í ṣe dandan mọ́, mo sì kọ ọ́ sórí àpótí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣìṣe, mo tún un kọ pé “Ẹ kò tíì kọ orúkọ ọmọ yìí,” ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo fi bọ́tìnì kékeré sí i fún ẹni tó bá kọ èyí tí kò yẹ: Yọ Ọmọ Yìí Kúrò. Nítorí kí ìka má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, mo ní kí fọ́ọ̀mù kọ́kọ́ béèrè bóyá ó dá èèyàn lójú. Ọ̀gá wa yìn mí. Wọ́n ní láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fọ́ọ̀mù yìí ló mọ́ jù, wọ́n sì ní kí a máa lò ó bí àpẹẹrẹ fún àwọn oníbàárà tuntun. Ìyìn náà dùn lẹ́nu wọn. Ní tèmi, ó korò.

Nílé, Mummy kò bá mi jà. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n bá mi jà. Wọ́n ń dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn, wọ́n ń béèrè iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò pè mí ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iná kò sí fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo rí fóònù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú, ojú rẹ̀ dúdú. Wọn ò gbé e lọ sí ìkòríta. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn gbé e lọ sí ọ́fíìsì láti ṣájì rẹ̀. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, pé ta ló fẹ́ pe àwọn. Mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò lè jẹun ọ̀sán. Ọdún méjì ni ìyá yìí fi gbé ọmọ rẹ̀ dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kò tíì pè. Èmi náà kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mo sì fi wó o lulẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ilé ìwòsàn parí ìforúkọsílẹ̀, Mummy ránṣẹ́ pè mí wá sísàlẹ̀. Ọ̀sán ni, òjò ti dá, ẹrẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ti ṣájì fóònù. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn láti àná, pé àwọn fẹ́ gba káàdì náà, kí n bá àwọn ṣí i. Mo ṣí èyí tuntun fún wọn. Mi ò mú ìwé àkọsílẹ̀ dání. Mo jókòó sórí àpótí ìjókòó àwọn oníbàárà, mo pa ẹnu mi mọ́ bí òfin iṣẹ́ wa ṣe wí.

Wọ́n kọ ti ara wọn tán. Wọ́n dé ìpín àwọn ọmọ, wọ́n wá ibi tí fọ́ọ̀mù ti ní kí àwọn ka ọmọ, wọn ò rí i. Wọ́n wojú mi díẹ̀. Wọ́n ń tẹ bọ́tìnì, wọ́n ń kọ orúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́bí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò fo ẹ̀kẹrin. Wọ́n kọ ọ́ sí ipò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Wọ́n ka ohun tó wà lórí àpótí fóònù, pé kì í ṣe dandan, wọ́n fi í sílẹ̀ lófìfo. Fọ́ọ̀mù ò bá wọn wí. Àyà mi fúyẹ́ díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ gbogbo wọn tán, wọ́n fa ojú ìwé padà sókè, wọ́n ń wo orúkọ wọn.

“Ẹni tó máa wá gba ìwòsàn ni wọ́n ní ká kọ, àbí?” ni wọ́n bi mí.

Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ́ ara ẹbí ni. Wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà, mo rí ìka wọn tó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kẹrin, síbi bọ́tìnì kékeré tí èmi fúnra mi sọ lórúkọ. Mo fẹ́ di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Fọ́ọ̀mù ò yọ ọ́. Ó ṣe bí mo ṣe kọ́ ọ, ó gbé pátákó funfun kan wá síwájú. Gbogbo àmì wà lórí lẹ́tà rẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣì í kà.

“Ṣé ó dá yín lójú?” ni Mummy kà sókè.

Bẹ́ẹ̀ Ni wà lápá kan, Rárá wà lápá kejì. Àlàfo àárín wọn tó, mo ti wọ̀n ọ́n. Àwọn ọmọdé ilé kejì ń ṣeré nínú ẹrẹ̀ níta. Mummy gbé fóònù náà sún mọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà, bí ẹni tó ń wá ìdáhùn kẹta.

“Kò dá mi lójú,” ni wọ́n wí.

Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún fóònù náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń dá ọmọ lóhùn. Wọn ò tẹ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú, ojú rẹ̀ sókè, wọ́n jẹ́ kí ìbéèrè náà máa tàn níbẹ̀, wọ́n sì ń wò ó títí iná ojú fóònù fi kú.

Lọ́jọ́ kejì tí ìforúkọsílẹ̀ parí, mo wo àkọsílẹ̀ àwọn tó gba káàdì láti ọ́fíìsì. Orúkọ Mummy kò sí níbẹ̀.